Orúkọ Páìpù, Ìta Páìpù, Ihò Páìpù

Ẹ mú páìpù onírin tí gbogbo ọjà ń pè ní háàfù íǹṣì, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò kí ó má bàa tètè dógùn-ún. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ kí ó mọ́ dáadáa, kí ẹ sì fi kálípà wọ̀n ọ́n. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, nítorí náà ìdajì rẹ̀ jẹ́ 12.7. Nígbà tí ẹnu kálípà bá gbá ìta páìpù náà mú, nǹkan bíi 21.3 ni ẹ ó kà. Bí ẹ bá ti etí kejì kálípà bọ inú ihò rẹ̀, nǹkan bíi 16 ni. Ògiri rẹ̀ nípọn tó mìlímítà méjì àbọ̀ àti díẹ̀. Ẹ yí i sótùn-ún, ẹ yí i sósì, 12.7 kò sí níbì kankan lára rẹ̀.

Ẹni tó tà á fún yín kò rẹ́ yín jẹ. Háàfù íǹṣì kì í ṣe ìwọ̀n lára páìpù yẹn mọ́, orúkọ rẹ̀ ni. Ohun mẹ́ta ló sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra páìpù máa yà sọ́tọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀: orúkọ páìpù, ìbú ìta rẹ̀, àti ìbú ihò rẹ̀. Ìta ló ń sọ bóyá yóò wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ́líbò tí ẹ ní nílé. Ihò ló ń sọ bí omi yóò ṣe jáde. Orúkọ wúlò fún ẹni tó ń tajà àti ẹni tó ń kọ ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ rà, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wàhálà omi tí kò lágbára nínú ilé tuntun, àti oríkèé tó ń jò lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n parí iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti fi ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí pe èkejì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gáàsì ló fa orúkọ náà, kì í ṣe omi. Ní 1792, William Murdoch fi gáàsì tó ti ara èédú jáde tan iná sí ilé rẹ̀ ní Redruth, ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí iná gáàsì wá gbilẹ̀, wọ́n ní agba ìbọn àtijọ́ làwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́ ń so pọ̀ mọ́ra wọn láti fi gbé gáàsì wọlé. Ní 1825 ni Cornelius Whitehouse, ará Wednesbury, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ọ̀nà tó fi ń fa irin pẹlẹbẹ gbígbóná kọjá nínú ihò kan títí etí rẹ̀ méjèèjì yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Láti ìgbà náà ni páìpù onírin ti di ohun tí wọ́n lè ṣe lọ́pọ̀ yanturu lówó pọ́ọ́kú. Ihò tí gáàsì ń gbà kọjá ni wọ́n fi ń pè é: páìpù tí ihò rẹ̀ tó ìdajì íǹṣì ni háàfù íǹṣì. Irin ìgbà náà kò ṣe é fọkàn tán, nítorí náà ògiri páìpù ní láti nípọn gan-an.

Lẹ́yìn náà, irin wá dára sí i, ògiri tó tín-ín-rín sì tó láti gba agbára tí ògiri tó nípọn ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà láti dín ògiri kù. Ẹ lè fa ìta rẹ̀ wọlé kí ihò dúró síbi tó wà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìta dúró kí ihò fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ara ìta ni wọ́n ń gé tírẹ́ẹ̀dì sí. Ìta yìí ni gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ́líbò, yúníọ̀nù àti irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì bá mu, láti ilé dé ilé iṣẹ́. Ní Philadelphia lọ́hùn-ún, Robert Briggs, tó ń darí iṣẹ́ ní Pascal Iron Works, ti kọ ìwọ̀n ìta àti ti tírẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní 1862, àwọn tó ń ṣe páìpù ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1886. Ta ni yóò wá yí ìta padà kí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ má lè bá a mu mọ́? Ihò ló fẹ̀ sí i, ìta dúró gbọn-in, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí páìpù onírin mẹ́ta fi lè jẹ́ háàfù íǹṣì, kí ìta wọn sì bára mu rẹ́gí, síbẹ̀ kí omi tí wọ́n ń gbé yàtọ̀ síra. Nínú ètò àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́dúùlù 40 ní ihò mìlímítà 15.8. Ṣẹ́dúùlù 80, tí ògiri rẹ̀ nípọn jù ú lọ, ní ihò 13.8. Èyí tó nípọn jù lọ, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò níbi tí agbára bá ti pọ̀ gan-an, ihò rẹ̀ kò ju 6.4 lọ. Ìta àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 21.3. Ní ti àwọn páìpù ńlá, ètò náà tiẹ̀ yí padà lójijì. Láti orí kékeré títí dé íǹṣì 12, ìta máa ń ju orúkọ lọ: ìta oní-íǹṣì 12 jẹ́ 323.9, nígbà tí íǹṣì 12 gan-an jẹ́ 304.8. Ṣùgbọ́n láti íǹṣì 14 lọ sókè, ìta náà ni orúkọ, 355.6 tán pátá.

Nígbà tí páìpù oníke dé, àwọn tó ń ṣe é ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò rújú. Ìta ni wọ́n ń wọ̀n, mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìta yẹn náà ni wọ́n sì sọ di orúkọ. Páìpù pípíà aláwọ̀ ewé tàbí funfun tí ó wà nínú ilé púpọ̀ báyìí, èyí tí wọ́n ń fi iná lẹ̀, bí wọ́n bá pè é ní 25, mìlímítà 25 ni ìta rẹ̀. Pífísì oní-mìlímítà àti páìpù dúdú tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ láti páìpù omi ojú títì wá sílé, bákan náà ni. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kò gbàgbé íǹṣì. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ rí orúkọ àtijọ́ kan fi pe ti tuntun, bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ nìyẹn: 20 di háàfù, 25 di tírí-kọ́tà, 32 di íǹṣì kan, 40 di íǹṣì kan àti kọ́tà, 50 di íǹṣì kan àbọ̀, 63 di íǹṣì méjì. Ti páìpù ìdọ̀tí, 110 ni íǹṣì mẹ́rin. Ìsopọ̀ yìí wúlò tó bá jẹ́ pé ipò páìpù kan nínú ilé ni ẹ fẹ́ fi ṣàlàyé. Kò túmọ̀ sí pé ihò wọn dọ́gba, kò sì túmọ̀ sí pé wọn yóò wọra.

Páńpẹ́ kan wà níbí tó ti mú àwọn tó mọ̀wé pàápàá. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní orúkọ kan tí kì í ṣe íǹṣì, tí kì í sì í ṣe ìwọ̀n gan-an, tí wọ́n máa ń kọ lẹ́tà DN síwájú rẹ̀. DN 15 ni háàfù, DN 20 ni tírí-kọ́tà, DN 25 ni íǹṣì kan. Nọ́ńbà yìí sún mọ́ ihò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìta. Bí ìwé tó bá pọ́ọ̀ǹbù wá bá wí pé kí ẹ fi DN 25 gbé omi jáde, tí ẹni tí ẹ rán lọ sọ́jà sì ra pípíà 25, ohun tó rà ti fi sáìsì kan kéré sí èyí tí wọ́n ní kí ẹ rà. DN 25 jẹ́ íǹṣì kan, orúkọ tí pípíà 32 ń jẹ́ lọ́jà nìyẹn. Nọ́ńbà kan náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá dá dúró lórí ìwé láìsí lẹ́tà kankan nítòsí rẹ̀, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Ìbàdàn wò, irú èyí tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí páìpù onírin inú ògiri rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Táńkì wà lórí irin gíga lẹ́yìnkùlé. Ojú omi inú táńkì náà fi mítà mẹ́ta ga ju ẹnu ṣáwà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Páìpù tó ti táńkì dé ṣáwà gùn tó mítà mẹ́wàá, tírí-kọ́tà onírin ni. Ìyá onílé pe púlọ́mbà pé kó hú u, kí ó fi pípíà rọ́pò rẹ̀. "Kí lẹ ó fi sí i, Bọ̀ọ̀dá?" "Tírí-kọ́tà náà ni, Mọ́mì. Mi ò ní yí i padà." Ó ra 25, ó sì ra èyí tó nípọn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun pẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣáwà, omi ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jáde bí ẹni tó náwó tuntun ṣe retí.

Kò sí ìdọ̀tí nínú páìpù náà, púlọ́mbà náà kò sì puró. Ẹ wo ihò. Tírí-kọ́tà onírin, nígbà tó wà ní tuntun, ní ihò tó tó mìlímítà 21. Pípíà 25 tí wọ́n kọ PN 20 sí lára ní ògiri mìlímítà 4.2. Ẹ yọ 4.2 kúrò ní apá kan, ẹ yọ ọ́ kúrò ní apá kejì, ó ku 16.6. Ìdá kan nínú márùn-ún ìbú ihò ti lọ, a sì lè rò pé ìyẹn kéré. Àmọ́ omi kì í ka ìbú bẹ́ẹ̀. Ara ògiri páìpù máa ń fa omi sẹ́yìn bó ti ń lọ, ìfàsẹ́yìn náà sì ń pọ̀ lọ́nà tó lágbára gan-an bí ihò bá ń kéré: bí ìdá kan nínú márùn-ún bá kúrò lára ìbú, tí ẹ sì fẹ́ kí iye omi kan náà máa kọjá, ohun tí ẹ ó pàdánù á di ìlọ́po mẹ́ta.

Nínú ilé tí táńkì ń fún lómi, gíga ni gbogbo agbára tí omi ní. Mítà mẹ́ta ni Mọ́mì ní, ohun tó bá sì sọ nù lójú ọ̀nà ti sọ nù nìyẹn. Ká ní ṣáwà ń fẹ́ omi tó lè kún bọ́kẹ́ẹ̀tì ogún lítà láàárín ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, ìyẹn lítà 0.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ṣe ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ń lò, mítà mẹ́wàá tírí-kọ́tà onírin tuntun yóò jẹ nǹkan bíi mítà 0.7 nínú gíga yẹn. Pípíà 25 tó nípọn yóò jẹ nǹkan bíi 1.4, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ń dán ju ti irin lọ. Ó ti sún mọ́ ìdajì ohun tí Mọ́mì ní, a ò sì tíì ka ẹ́líbò àti fáàfù mọ́ ọn. Ká ní 20 ni púlọ́mbà rà, tí ihò tirẹ̀ jẹ́ 13.2 péré, ìṣirò yẹn á fún wa ní mítà 4.2, ìyẹn ni pé gíga tó wà nínú ilé náà kò tó láti ti irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá rárá, ohun tó bá jáde á ní láti dín kù.

Kí ló wá yẹ kó rà? Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni pípíà 32 tó nípọn bẹ́ẹ̀. Ògiri rẹ̀ jẹ́ 5.4, ihò rẹ̀ sì jẹ́ 21.2, ohun tí yóò jẹ nínú gíga yẹn kò ju mítà 0.4 lọ. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: páìpù tí ọjà ń pè ní íǹṣì kan ló ní ihò tírí-kọ́tà àtijọ́. Ọ̀nà kejì ni pípíà 25 tí ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, èyí tí wọ́n kọ PN 10 sí lára. Ògiri tirẹ̀ jẹ́ 2.3, ihò rẹ̀ 20.4, ohun tí yóò jẹ jẹ́ nǹkan bíi mítà 0.5. Owó rẹ̀ kéré, omi rẹ̀ pọ̀, ó sì ń bá púlọ́mbà lára mu nítorí ẹ́líbò 25 kan náà ni wọn yóò lò fún un.

Àwọn kan yóò ní kí ni ìdí tí ẹnikẹ́ni ṣe ń ra èyí tó nípọn nígbà náà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé PN ń sọ agbára tí páìpù lè gbà bí omi tútù bá wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi báà kà á. Omi tó bá dúró ga tó mítà mẹ́wàá ń tẹ ìsàlẹ̀ ní nǹkan bíi báà kan. Mítà mẹ́ta ti Mọ́mì kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta báà. Páìpù tó lè gba báà mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún un ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ṣùgbọ́n bí omi gbígbóná bá ń gba inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ike a máa rọ̀ bí ooru bá mú un, ohun tó lè gbà nígbà tó tutù kì í ṣe ohun tó lè gbà fún ọdún púpọ̀ nígbà tó gbóná. Láti ara ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná dé ṣáwà, èyí tó nípọn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì mú sáìsì tó tóbi sí i. Fún omi tútù tó ń bọ̀ láti táńkì, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi máa ra ògiri tí omi kò nílò, kí ẹ sì máa fi ihò san án.

Ohun kan tún wà tó ń dín ihò pípíà kù tí kò sí lára nọ́ńbà kankan. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ooru 260 lórí ìwọ̀n sẹ́lísíọ́ọ̀sì, 25 kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méje lọ lórí rẹ̀. Ti 20 jẹ́ márùn-ún, ti 32 jẹ́ mẹ́jọ. Bí ẹni tó ń ṣe é bá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tí ike náà yọ́ jù, tàbí tó tì í wọlé ju mìlímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún tó yẹ lọ, ike tó yọ́ yóò ká jọ bí òrùka sínú ihò, á sì le síbẹ̀. Níta, oríkèé náà mọ́ tónítóní. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé omi á dára ní gbogbo ilé, á wá rọ ní ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo, yálà ẹ ti nu ẹnu ẹ̀rọ náà tàbí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀ ju pé kí wọ́n gé oríkèé yẹn jáde lọ. Púlọ́mbà tó bá fàlà sára páìpù kó tó tì í bọ irin, tó sì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́nu, ẹ máa tún un pè.

Bí ihò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, ìta jẹ́ ọ̀rọ̀ oríkèé, pífísì ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ níbẹ̀. Pífísì oní-íǹṣì wà, èyí tí ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fún ní ìta tó sún mọ́ ti irin. Pífísì oní-mìlímítà náà sì wà. Tírí-kọ́tà ti àkọ́kọ́ ní ìta tó tó 26.7, 25 ti èkejì jẹ́ 25 gẹ́lẹ́. Ẹ ti 25 bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún 26.7, yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, inú ẹni tó ń ṣe é á sì dùn pé kò le. Àlàfo tó wà níbẹ̀ ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù pífísì kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan, ìyẹn kò sì lè ṣẹlẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá fara kanra. Bí wọ́n bá da gọ́ọ̀mù púpọ̀ sí i, yóò gbẹ lójú, yóò gba omi táńkì fún ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ tan pọ́ọ̀ǹbù ni yóò tú. Oríkèé tó dára máa ń kọ̀ díẹ̀ kó tó wọlé: bí ẹ bá fi páìpù gbígbẹ dán an wò láìtíì fi gọ́ọ̀mù sí i, ó yẹ kó há mọ́ ọn kó tó dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá já bọ́ sínú rẹ̀ tó sì ń mì, ẹ má fi gọ́ọ̀mù bẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní kálípà, okùn àti rúlà sì tó. Ẹ fi okùn tín-ín-rín tí kì í fà yí páìpù po lẹ́ẹ̀kan, ẹ sàmì síbi tó ti pàdé, ẹ tú u, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ pín in sí 3.14. Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti pín in bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá. Okùn tó bá gùn tó mìlímítà 84, tírí-kọ́tà oní-íǹṣì ni, yálà irin tàbí pífísì. Tó bá jẹ́ 78 àbọ̀, 25 ni. Ti háàfù jẹ́ 67, ti 20 jẹ́ 63. Ti íǹṣì kan jẹ́ 105, ti 32 jẹ́ nǹkan bíi 100 àbọ̀. Mìlímítà kan tí ojú kò lè rí lára ìbú ti di mẹ́ta lórí okùn, ìdí nìyẹn tí okùn fi ń sọ òótọ́ ju kí ẹ gbé rúlà dábùú ẹnu páìpù lọ.

Bàbà ní tirẹ̀ tún ya ọ̀nà ọ̀tọ̀. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó bá ra páìpù bàbà háàfù íǹṣì ní Èkó, ìta rẹ̀ jẹ́ 12.7, háàfù íǹṣì gidi, nítorí pé ìta ni iṣẹ́ wọn fi ń pè é. Ṣùgbọ́n bàbà tí àwọn púlọ́mbà Amẹ́ríkà ń pè ní háàfù íǹṣì ní ìta 15.9, torí ìlànà tiwọn ni pé ìta gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì ju orúkọ lọ. Ohun tí ará ṣáwà ń pè ní háàfù, ará amúlétutù á pè é ní íǹṣì márùn-ún nínú mẹ́jọ. Àwọn èèyàn wa tó ra ilé àtijọ́ sí Lọ́ńdọ́nù náà yóò bá tiwọn pàdé: bàbà ibẹ̀ ti di 15, 22 àti 28 láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìta ni wọ́n sì ń wọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé ihò ni orúkọ àtijọ́ ń sọ. Háàfù àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 15 dọ́gba, oríkèé onínọ́ọ̀tì kan náà á mú wọn. Tírí-kọ́tà àtijọ́ kò tó 22, omi á máa sẹ̀ níbẹ̀ títí wọn yóò fi ra oríkèé tí wọ́n ṣe ní pàtó fún ìyàtọ̀ náà.

Ó wá ku tírẹ́ẹ̀dì, ibi tí orúkọ àtijọ́ ti sá pamọ́ sí nínú ilé tí irin kankan kò sí mọ́. Ẹ wo ẹ́líbò pípíà tí wọ́n fi ń gbé ẹnu ẹ̀rọ jáde lára ògiri. Wọ́n kọ 25 × ½ sára rẹ̀. Apá oníke ni 25, ẹ lè fi kálípà rí i lára páìpù tó ń wọ inú rẹ̀. Apá kejì jẹ́ irin tí wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì sí nínú, ½ yẹn sì ni háàfù íǹṣì ọjọ́ gáàsì. Tírẹ́ẹ̀dì ẹnu ẹ̀rọ tó ń wọ inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 21 ní ìta. Ti tírí-kọ́tà jẹ́ nǹkan bíi 26.4, ti íǹṣì kan jẹ́ 33.2. Ẹni tó bá fi rúlà wọn tírẹ́ẹ̀dì ẹnu ẹ̀rọ, tó rí 21, tó sì wá lọ sọ́jà lọ béèrè ohun tó jẹ́ íǹṣì kan lára tírẹ́ẹ̀dì nítorí 21 sún mọ́ 25, sáìsì méjì ló fò kọjá.

Tírẹ́ẹ̀dì tiwa níbí jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eyín rẹ̀ ní igun 55. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ní háàfù àti tírí-kọ́tà, àwọn méjèèjì ní eyín mẹ́rìnlá nínú íǹṣì kan, ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Bí ìbátan yín kan ní Houston bá fi ṣáwà tàbí fáàfù dáradára ránṣẹ́ sílé, yóò wọ inú ẹ́líbò yín ní yíyí méjì tàbí mẹ́ta, á wá há bí ẹni pé ó ti mú. Púlọ́mbà á wé téépù funfun sí i lára, yóò fi sípánà ńlá dè é, omi á sì máa yọ lára rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láti ìdí eyín tí kò bára mu. Bí wọ́n bá tún fún un mọ́lẹ̀ sí i, irin inú ẹ́líbò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú ike rẹ̀, ògiri ni wọn yóò sì fọ́ láti yọ ọ́. Ní íǹṣì kan, ọ̀rọ̀ rọrùn sí i, nítorí tiwa ní eyín mọ́kànlá nínú íǹṣì, tiwọn ní mọ́kànlá àbọ̀, kò sì ní wọlé jìnnà kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Fún háàfù, ẹ fi eyín méjèèjì ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ síwájú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó fi sípánà kàn án, kí ẹ sì wò ó bóyá tírẹ́ẹ̀dì tuntun náà ń kéré sí i lọ sí ẹnu rẹ̀. Tiwọn máa ń tín-ín-rín níwájú. Oríkèé tí wọ́n gé tírẹ́ẹ̀dì tiwọn sí apá kan, tí wọ́n gé tiwa sí apá kejì, wà lọ́jà, òun sì ni kí ẹ rà kí ẹ́líbò tó wà nínú ògiri má bàa di ohun tí ẹ ó fi òòlù wá.